Ẹnu Ọ̀nà ni Ìyàsọ́tọ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀, Kì í Ṣe Yàrá Ẹ̀yìnkùlé

Bí owó bá bọ́ sọ́wọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan, yálà láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni o, tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, tí àwọn alábòójútó sì sọ pé àwọn fẹ́ dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àrùn tó ń ràn, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ ni yàrá kan sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn a kùn ún lọ́dà funfun, wọn a gbé bẹ́ẹ̀dì kan sí i, wọn a kọ “Yàrá Àdágbé” sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé owó yẹn gba ibi tí kò yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé yàrá náà tọ́ sí aláìsàn kan, aláìsàn ọ̀hún ti bá ogún èèyàn jókòó fún wákàtí méjì. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí a ti ya èèyàn sọ́tọ̀, kí ó tó gba káàdì, kí ó tó fìdí kan bẹ́ǹṣì. Ohunkóhun tí a bá kọ́ sẹ́yìn ibẹ̀ láìṣe ti ẹnu ọ̀nà, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ wo àrùn èèyi. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọmọ tó ń ṣe ti jáde lọ. Nínú mẹ́wàá àwọn tó sún mọ́ ọn tí wọn kò ní àjẹsára lára, bíi mẹ́sàn-án ni yóò kó o. Ní Nàìjíríà, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án là ń gún ní abẹ́rẹ́ èèyi àkọ́kọ́, a sì ń gún un ní èkejì lóṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ mìíràn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ìkókó tí èèyi lè mú jù ló kún bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, lórí bẹ́ǹṣì kan náà tí ìyá mìíràn gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ojú rẹ̀ pọ́n, jókòó sí. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba ààbò ni yóò gbé àrùn lọ sílé.

Ohun tó mú kí ọ̀ràn yìí fara pamọ́ ni pé kì í hàn lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó kó èèyi ní ilé ìwòsàn yóò máa ṣeré fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ara rẹ̀ tó gbóná, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ohun tó ń sú tó yọ sí i lára. Nígbà yẹn, àwọn ará ilé ti ń di ẹ̀bi ru oòrùn tàbí ọmọ aládùúgbò. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ń pín àrùn kiri lè mọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ní èèyi wá, kí wọ́n bi ìyá rẹ̀ pé níbo ló gbé e dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọjá, kí wọ́n sì wo káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ tó wá gbabẹ́rẹ́ bá ń bọ́ sí ọjọ́ méje sí ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ohun tó sú náà tó yọ, tí irú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, kí wọ́n yẹ bẹ́ǹṣì ara wọn wò kí wọ́n tó yẹ àdúgbò wò.

Ti ikọ́ fée tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ oṣù ló máa ń gbà kó tó fara hàn. Ní ọdún 2006, àwọn oníṣègùn kọ ìròyìn nípa ilé ìwòsàn kan ní Tugela Ferry, ní ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí aláìsàn 53 tí ikọ́ fée wọn kò gbọ́ oògùn mọ́. 52 nínú wọn ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fìgbà kan rí gba ìtọ́jú ikọ́ fée, ọ̀pọ̀ wọn sì ti sùn sí ilé ìwòsàn ní àìpẹ́ sígbà náà. Bí àrùn náà ṣe rí lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí fi hàn pé ara wọn ni wọ́n ti kó o, àti pé ibi tí wọ́n lọ gba ìwòsàn wà lára ibi tí ó ti ràn wọ́n.

Ta wá ni kí a yà sọ́tọ̀? Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń ṣe àṣìṣe kejì, tí wọ́n ń fi ara gbígbóná ṣe òṣùwọ̀n. Nílẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn ló ń gbé ọ̀pọ̀ àwọn tí ara wọn gbóná wá, ibà ẹ̀fọn kì í sì í ti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹnì kejì lórí bẹ́ǹṣì. Bí a bá kó gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná sójú kan, bẹ́ǹṣì àwọn tí a yà sọ́tọ̀ yóò kún ju èyí tó kù lọ. A ó tún ti fi ọwọ́ ara wa kó ọmọ tó ní ibà lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ní èèyi. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó ti ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá lè kọjá lára ẹ̀rọ ìwọn-gbígbóná-ara láìsí wàhálà, nítorí pé ara rẹ̀ lè má gbóná láàárọ̀ yẹn rárá.

Ìbéèrè mẹ́ta ló tó lẹ́nu ọ̀nà. Èkíní: ṣé ikọ́ wà, ṣé ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì? Èkejì: ṣé ara gbóná, tí nǹkan sì sú sára? Ẹ̀kẹta: ṣé ó ń yàgbẹ́ olómi tàbí ó ń bì léraléra, àbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tí kò yẹ? Ẹni tó bá dáhùn pé rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó máa lọ gba káàdì. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì yẹ kí ọ̀nà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan náà.

Èyí ni yàrá àdágbé kan ṣoṣo kò lè yanjú. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ikọ́ fée àti èèyi. Ọwọ́, omi àti ìgbẹ́ ló ń gbé onígbáméjì. Oníkọ́ nílò gbangba, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ sú kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni rárá, tààrà ni kí ó wọ yàrá kan tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò ti wá bá a, nítorí pé bí a bá gbé e jókòó ti oníkọ́, a ti fi àrùn kan pàrọ̀ òmíràn. Ẹni tó ń yàgbẹ́ olómi nílò ilé ìgbẹ́ tí ẹlòmíràn kì í lò, àti omi ìfọwọ́ lẹ́bàá ibẹ̀. Fèrèsé ńlá kò wúlò fún un tó ilé ìgbẹ́ tó sún mọ́ ọn. Ká sọ ọ́ ṣókí: bẹ́ǹṣì ìta fún oníkọ́, yàrá fún ọmọ tí ara rẹ̀ sú, ilé ìgbẹ́ ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń yàgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí gbogbo wa mọ irú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní níwájú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà 2, tí ó sì gùn tó mítà 14, la á já láàárín, yàrá mẹ́ta wà lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Yàrá káàdì ló kọ́kọ́ wà lápá òsì, yàrá dókítà tẹ̀ lé e, yàrá àyẹ̀wò ló kángun sẹ́yìn. Lápá ọ̀tún, yàrá abẹ́rẹ́, ibi ìgbòògùn àti yàrá ìgbẹ̀bí. Bẹ́ǹṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá méjèèjì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lóòótọ́, àmọ́ ágádágodo wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí olè, bẹ́ẹ̀dì tó ti kán àti dúrọ́ọ̀mù omi sì dí i lọ́nà.

Ẹ wá jẹ́ ká bá bàbá kan tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn nínú ilé yìí. Ó wọlé níwájú, ó gba káàdì, ó jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pè é kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó padà wá jókòó. Dókítà rí i, ó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba ike, wọ́n ní kó lọ wúkọ́ sínú rẹ̀ nínú ilé ìgbẹ́, ibi tóóró tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí aboyún kan ń dúró láti wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà wá jókòó nígbà kẹta, ó tún wọlé lọ bá dókítà, ó lọ gba oògùn, ó sì tún gba iwájú jáde. Ìgbà mẹ́ta ló jókòó láàárín èèyàn, gbogbo ìrìn rẹ̀ pátá ló sì gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo náà. Dókítà kò ṣe nǹkan tó burú, bàbá náà kò sì ṣe nǹkan tó burú. Bí wọ́n ṣe to ilé yẹn ló rán an kiri.

Láti tún ilé yìí tò, kò sí ìdí láti wó o. Ohun àkọ́kọ́ ni tábìlì kan lẹ́yìn òde, lábẹ́ páànù tàbí igi, pẹ̀lú garawa omi ẹlẹ́rọ̀ àti ọṣẹ, níbi tí a ó ti béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn, tí a ó sì ti fún oníkọ́ ní ìbòmú. Ohun kejì ni kí bẹ́ǹṣì kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátápátá. Kí àwọn tó kù máa jókòó sí faranda iwájú, kí àwọn oníkọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí àlàfo tó tó mítà 1 ó kéré tán wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, kí bẹ́ǹṣì wọn sì jìnnà sí fèrèsé ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ wo? Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa láti orí òkun. Nítorí náà, ìhà ìlà-oòrùn àríwá ilé ló yẹ kí bẹ́ǹṣì oníkọ́ wà, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé èémí wọn lọ síta. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ náà á yíjú padà, á wá máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá wọlé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi sìmẹ́ńtì mọ bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀. Bẹ́ǹṣì oníkọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé gbé.

Ohun kẹta ni pé káàdì àti oògùn kò yẹ kó mú ẹnikẹ́ni wọlé. Yàrá káàdì ti wà níwájú tẹ́lẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí faranda ló kù kí a là sí i, kí èèyàn gba káàdì láti ìta. Ibi ìgbòògùn ni kí ó bá yàrá ìgbẹ̀bí pàrọ̀ àyè, kí òun náà bọ́ sẹ́yìn, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kí a sì ṣí ágádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Iwájú ni èèyàn ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ni ó ń gbà jáde, ẹni tó ń bọ̀ kò ní fara kan ẹni tó ń lọ. Bí olè bá ń bani lẹ́rù, ẹnu ọ̀nà onírin tí wọ́n ń tì bí iṣẹ́ bá parí yóò dí olè lọ́nà láìdí aláìsàn lọ́nà.

Ohun kẹrin ló ń gba owó díẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tó kángun sẹ́yìn lápá òsì ni kí ó di yàrá ìrí-aláìsàn fún oníkọ́ àti ọmọ tí ara rẹ̀ sú, kí a lu ilẹ̀kùn kan sí i láti ẹ̀gbẹ́ ilé, kí wọ́n má gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá rárá. Dókítà ni yóò máa rìn lọ bá wọn, nítorí pé ẹnì kan tó gbé ìbòmú tó dáa wọ̀, tó sì ń fọ ọwọ́, ni kí ó rìn dípò ogún èèyàn tí kò ní nǹkan kan. Tábìlì àyẹ̀wò lè bọ́ sí yàrá abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìkélé kan láàárín. Ní ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, gbangba ni kí a ti máa gbà á, lẹ́yìn ògiri kékeré kan tó bo ojú oníkọ́ mọ́ àwọn èèyàn, kì í ṣe nínú ilé ìgbẹ́, kì í sì í ṣe nínú yàrá kankan. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn níta ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ olówó gọbọi ń ṣe níbòmíràn, wọn kì í sì í béèrè iná mànàmáná.

Inú yàrá ìrí-aláìsàn yẹn gan-an tó ohun tó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ ti ń kó àrùn. Ká ní yàrá náà gùn tó mítà 4, ó fẹ̀ tó mítà 3, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3: ìtóbi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 36. Ká ní fèrèsé wà lára ògiri méjì tó kọjú síra, tí ẹnu ìkọ̀ọ̀kan ṣí ní mítà 1 lóròó àti ìlàjì mítà níbùú, tí afẹ́fẹ́ ìta sì ń fẹ́ jẹ́jẹ́, ìlàjì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ nìyí: ẹ sọ 0.65 di ìlọ́po ìyára afẹ́fẹ́, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po ẹnu fèrèsé tó kéré jù, ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 3,600, kí ẹ wá fi ìtóbi yàrá pín in. Ohun tó máa jáde ni iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ yàrá náà ń pàrọ̀ láàárín wákàtí kan.

```
0.65 × 0.5 × 0.5 × 3600 ÷ 36 = 16.25
```

Ìgbà mẹ́rìndínlógún ó lé díẹ̀. Bí a bá kà á ní lítà, ó ju lítà 160 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tí àjọ náà dámọ̀ràn ní 2009 fún aláìsàn kan tí àrùn rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ìwọ̀n yìí, bí oníkọ́ bá jáde, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí ìdá 99 nínú 100 ohun tó fi sínú afẹ́fẹ́ tó jáde tán. Bí ó bá jẹ́ ìgbà méjì péré ni afẹ́fẹ́ ń pàrọ̀ ní wákàtí kan, ìyẹn á ju wákàtí méjì lọ.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ba ìṣirò yìí jẹ́ láìmọ̀. Fèrèsé onígíláàsì tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tó wà lóde báyìí, kì í ṣí ju ìlàjì lọ. Bí a bá fi rọ́pò lúfà àtijọ́ nínú ihò kan náà, ìgbà 16 ti di 8. Bó bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a yí padà, kò sí ìyàtọ̀, ẹnu tó kéré jù ni ìṣirò ń wò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí tún ń dín in kù. Bí a bá sì ti gbogbo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí òtútù tàbí nítorí kí èèyàn má bàa gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ, afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà kọjá mọ́, ìṣirò náà sì ti tú. Nítorí àṣírí, kí a fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí òkè ògiri, níbi tí ojú kò ti lè wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù tí à ń gbé kọ́ ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nínú yàrá ló ń mú tutù tó sì ń dá padà. Nínú yàrá oníkọ́, ó sàn kó má sí.

Bí àga ṣe wà náà ṣe pàtàkì. Kí dókítà jókòó sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí aláìsàn jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé tó ń gbé e jáde. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán, kí fáànù ilẹ̀ wà lẹ́yìn dókítà, kó máa fẹ́ lọ síhà aláìsàn àti síta. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ tan tùràrí kan síbi tí aláìsàn ń jókòó, kí ẹ wo ibi tí èéfín rẹ̀ gbà. Bí ó bá gba iwájú dókítà kọjá, ẹ yí tábìlì padà. Àyẹ̀wò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, àárọ̀ àti ọ̀sán sì ni kí a ṣe é, nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, tí ó jáde ní 2007, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ yàrá tí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ kí ó tó di 1950, tí òrùlé wọn ga, tí fèrèsé wọn tóbi, ń pàrọ̀ afẹ́fẹ́ ní ìgbà 40 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn wọn ń ṣe 17. Yàrá tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń ṣe 12. Ilé tó dà bí èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ló ń dáàbò bo èèyàn jù. Ẹ rántí èyí nígbà tí kọngilá bá ní òun fẹ́ rẹ òrùlé sílẹ̀ kí ilé ìwòsàn yín lè “bágbà mu”.

Àmọ́ o, gbogbo èyí yóò já sí asán bí èrò bá pọ̀ jù. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, ká ní ìyá 40 ló dé kí aago mẹ́jọ tó lù, tí nọ́ọ̀sì kan sì ń rí èèyàn 10 ní wákàtí kan. Ẹni ìkẹyìn yóò lọ ní aago méjìlá. Bí a bá pín in dọ́gba, oníkálukú dúró fún bíi wákàtí méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ sì rèé, gbogbo 40 ló wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wàyí o, ẹ pe mẹ́wàá ní aago mẹ́jọ, mẹ́wàá ní mẹ́sàn-án, mẹ́wàá ní mẹ́wàá, mẹ́wàá ní mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, aago méjìlá náà ni wọn yóò parí. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in dọ́gba, oníkálukú kò dúró ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àwọn tó wà nílẹ̀ kò sì ju mẹ́wàá lọ nígbàkigbà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bẹ́ǹṣì ti di èyí tí a kò nílò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìdúró tuntun, kí ó kọ́kọ́ kọ aago sára káàdì.

Àwọn kan yóò ṣì dé ní aago méje, nítorí pé ohun tí ojú wọn ti rí kọ́ wọn pé ẹni tó tètè dé ló ń tètè lọ. Ẹ má bá wọn jà. Ẹni tí aago rẹ̀ tó ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i lẹ́ẹ̀mejì pé pípẹ́ nílẹ̀ kò fún wọn ní nǹkan kan, wọn yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù wọn títí aago wọn yóò fi tó.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń ta kò èrò yìí máa ń sọ. Wọ́n ní ìtìjú ni kí a ní kí èèyàn lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì oníkọ́, pé àwọn aládùúgbò yóò rí i. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a kọ orúkọ àrùn kankan síbẹ̀. Kí a sì jẹ́ kí àwọn tó jókòó síbẹ̀ máa ṣáájú. Bí oníkọ́ bá tètè rí dókítà, ó ti tètè kúrò láàárín èèyàn, ìyà kò sì jẹ ẹ́ nítorí pé a yà á sọ́tọ̀. Wọ́n tún ní àwọn kan yóò máa purọ́ ikọ́ kí wọ́n lè ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n purọ́. Òpùrọ́ tó jókòó sí ìta gbangba kò kó àrùn ran ẹnikẹ́ni, òun náà yóò sì gbé ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dání.

Wọ́n ní kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Fún èèyàn 40, kò pé wákàtí kan láàárọ̀ gbogbo. Kò pọn dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọlọ́dẹ tó ń ṣí géètì ló ń kọ́kọ́ rí gbogbo ẹni tó ń bọ̀, ó sì lè kọ́ ìbéèrè mẹ́ta bí a bá fi sùúrù kọ́ ọ. Àwọn mìíràn á ní àwọn ìyá ló jẹ̀bi, tí wọ́n ń gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn wá sáàárín èrò. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó bá adìẹ wí. Ibo ni kí ìyá gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ bí kò ṣe ilé ìwòsàn?

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìbéèrè ẹnu ọ̀nà kò lè mú gbogbo àrùn. Ibà Lásà, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ń bá jà lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń jọ ibà ẹ̀fọn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí yóò bá jáde rárá, ó ti pẹ́. Èèyàn tún lè má sọ òtítọ́. Ní oṣù keje 2014, arìnrìn-àjò tó gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó sẹ́ pé òun kò fara kan ẹni tó ní in, ibà ẹ̀fọn sì ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ọgbọ́n orí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò gbà kó jáde, ló dí àrùn náà lọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ kó o, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Nítorí irú èyí, ibi tí a to bẹ́ǹṣì sí kò lè gba ipò ìbọ̀wọ́ àti ọwọ́ fífọ̀ lórí gbogbo aláìsàn, ẹni tó ní àmì àti ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Lásà àti Ẹ̀bólà kì í gba inú afẹ́fẹ́ bẹ́ǹṣì ràn bí èèyi ti ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara ni. Èyí tí ẹnu ọ̀nà kò bá mú, ìbọ̀wọ́ ló kù láti mú un. Kò sọ ẹnu ọ̀nà di aláìwúlò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin dókítà tó ń yá owó kọ́ ilé ìwòsàn tiyín: kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán ilé, ẹ mú pẹ́ńsù mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan fa ìrìn ìyá tó gbé ìkókó wá gbabẹ́rẹ́, láti géètì wọlé títí dé géètì padà. Ẹ fi èkejì fa ti bàbá oníkọ́, kí ẹ rántí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kẹta fa ti ọmọ tí ara rẹ̀ sú. Ibikíbi tí ìlà méjì bá ti pàdé lábẹ́ òrùlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán ilé pé kí ló dé. Bí ó bá fi yàrá àdágbé ẹ̀yìnkùlé dá yín lóhùn, ẹ dá àwòrán náà padà fún un, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.